Bẹ́ẹ ṣe máa fi kírónógíráàfù ka àkókò, àti ìdí tẹ́ẹ ò fi gbọdọ̀ tẹ bọ́tìnnì ẹ̀ nínú omi

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí mo ti kọ́gbọ́n. Ọ̀rẹ́ mi kan fẹ́ mọ iye àkókò tó ń lò tó bá lúwẹ̀ẹ́ láti etí kan dé etí kejì nígbà 20 nínú púùlù tó gùn ní mítà 25, ìyẹn mítà 500 lápapọ̀. Mo jókòó sétí púùlù, mo fi kírónógíráàfù ọwọ́ mi, ìyẹn aago ọwọ́ tó tún ń ka iye àkókò tí nǹkan gbà, kà á fún un, gbogbo ẹ̀ lọ geere. Nígbà tó parí, oòrùn ti ń pa èmi náà láti bíi wákàtí kan, mo bá bẹ́ sómi. Inú omi yẹn ni mo ti gbójú wo ọwọ́ mi, mo rí i pé ọwọ́ sẹ́kọ́ndì gígùn yẹn ṣì wà níbi tí mo dá a dúró sí, ni mo bá fi àtàǹpàkò tẹ bọ́tìnnì ìsàlẹ̀ kó lè padà sí òdo. Omi ò kọjá àyà mi o. Mítà 50 ni wọ́n kọ sẹ́yìn aago ọ̀hún. Nígbà tílẹ̀ mọ́, gíláàsì aago ti hu ìkùukùu látinú.

Mo máa padà sórí ìyẹn, àmọ́ ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ bí wọ́n ṣe ń lò ó lórí ilẹ̀ gbígbẹ, torí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n lò dáadáa ò ní nídìí láti tẹ nǹkankan nínú omi rárá.

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra irú aago yìí lè ní aago ti kú, torí ọwọ́ sẹ́kọ́ndì gígùn tó wà láàárín ò rìn. Kò kú o. Ọwọ́ yẹn kì í ṣe ti aago fúnra ẹ̀, ti kírónógíráàfù ni, orí 12 ló máa ń dúró sí tẹ́nikẹ́ni ò bá tíì rán an níṣẹ́. Sẹ́kọ́ndì aago gan-an wà nínú ọ̀kan lára àwọn ojú kéékèèké tó wà lójú aago, èyí tí ọwọ́ ẹ̀ ò sinmi tọ̀sán tòru. Ojú kékeré tí wọ́n kọ 30 sí ló ń ka ìṣẹ́jú fún kírónógíráàfù, èyí tí wọ́n kọ 12 sí ló ń ka wákàtí. Ẹ̀rọ tó wà nínú tèmi ni wọ́n ń pè ní Valjoux 7750, láti ọdún 1974 ni wọ́n ti ń tà á, ilé iṣẹ́ aago oríṣiríṣi ló sì ń lò ó, torí náà ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun náà ló wà nínú tiyín. Lójú 7750, ìṣẹ́jú wà lókè lọ́dọ̀ 12, wákàtí wà nísàlẹ̀ lọ́dọ̀ 6, sẹ́kọ́ndì tí kì í sinmi wà lọ́wọ́ òsì lọ́dọ̀ 9. Tí tiyín bá yàtọ̀, ẹ ṣáà fi nọ́mbà tó wà lójú ẹ̀ dá a mọ̀.

Bọ́tìnnì méjì ló wà lápá ọ̀tún, ọ̀kan lókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ 2, ọ̀kan nísàlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ 4, orí tẹ́ẹ fi ń wáìn aago ló wà láàárín wọn. Ti òkè ló ń gbéra tó tún ń dá a dúró. Ti ìsàlẹ̀ ló ń dá gbogbo ẹ̀ padà sí òdo. Bẹ́ẹ̀ ló rí lórí èyí tó pọ̀ jù lára wọn, àmọ́ tó bá jẹ́ aago àtijọ́ tó ní ẹ̀rọ Landeron 48 nínú lẹ jogún, ti òkè kàn ń gbéra ni, ti ìsàlẹ̀ ló máa dá a dúró, tẹ́ẹ bá tún un tẹ̀ ló máa wá padà sí òdo. Mo ti rí ẹni tó ń lu bọ́tìnnì òkè irú aago yẹn gbàgbàgbà, ó ní kò fẹ́ dúró.

Ó yá, ká kà á. Ẹ kọ́kọ́ wáìn aago náà díẹ̀, bí ìgbà 20 tó bá ti wà nílẹ̀ látàná, torí kírónógíráàfù ń jẹ nínú agbára sípíríìngì kan náà tó ń gbé aago kiri, tí agbára ọ̀hún bá sì ti kéré, àtaago àti kírónógíráàfù ò ní rìn déédéé mọ́. Lẹ́yìn náà ẹ wò ó bóyá gbogbo ọwọ́ kírónógíráàfù wà ní òdo. Tí ọwọ́ gígùn bá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ 12 dípò orí 12 gan-an, tẹ́ẹ tẹ bọ́tìnnì ìsàlẹ̀ tí ò sì yí padà, á jẹ́ pé ọwọ́ yẹn ti yọ̀ kúrò níbi tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́, ẹni tó ń tún aago ṣe ló máa bá yín gbé e padà, kò sí bẹ́ẹ ṣe lè fi bọ́tìnnì tún un ṣe. Tó bá jẹ́ sẹ́kọ́ndì méjì ló fi kọjá, ẹ ṣì lè lò ó lọ́jọ́ yẹn, kẹ́ẹ ṣáà rántí yọ méjì kúrò.

Ẹ wá fi àtàǹpàkò di ẹ̀gbẹ́ kejì aago mú, kẹ́ẹ fi ìka ìfábẹ̀là tẹ bọ́tìnnì òkè wọlé lẹ́ẹ̀kan, tẹ̀ ẹ́ délẹ̀, kẹ́ẹ fi í sílẹ̀. Má fi ọgbọ́n tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Bọ́tìnnì 7750 le, pàápàá nígbà ìgbéra, ẹlòmíì á rò pé òun fẹ́ ṣẹ́ ẹ, ó bá tẹ̀ ẹ́ dé ìlàjì, nǹkan tó wà nínú náà á sún dé ìlàjì, ọwọ́ á jù díẹ̀ kó tó dúró, tàbí kó má gbéra rárá. Ẹ máa gbọ́ tó ń dún kọ́ lẹ́ẹ̀kan, ẹ máa mọ̀ ọ́n lọ́wọ́, ìyẹn ni. Tí ọwọ́ gígùn bá fò fẹ́rẹ́ síwájú tàbí sẹ́yìn bó ṣe ń gbéra, ẹ má jáyà, eyín jíà kan ló ń wọ eyín jíà kejì, tí eyín bá forí kan eyín, ó gbọ́dọ̀ yẹ̀ díẹ̀ kó tó wọlé.

Nígbà tí nǹkan tẹ́ẹ ń kà bá parí, ẹ tún tẹ bọ́tìnnì òkè yẹn. Ẹ wá kà á. Sẹ́kọ́ndì ni kẹ́ẹ kọ́kọ́ kà, kẹ́ẹ tó ka ìṣẹ́jú, mo máa sọ ìdí ẹ̀. Ti ọ̀rẹ́ mi lọ́jọ́ yẹn, ọwọ́ gígùn wà lórí 47, ọwọ́ ìṣẹ́jú wà lórí 12, torí náà ìṣẹ́jú 12 àti sẹ́kọ́ndì 47. Ẹ sọ gbogbo ẹ̀ di sẹ́kọ́ndì, ó jẹ́ 767. Ẹ pín in sọ́nà 20, sẹ́kọ́ndì 38 lé díẹ̀ ló ń lò láti ìbẹ̀rẹ̀ púùlù dé òpin, ẹ tún pín 767 sọ́nà 5, mítà 100 kọ̀ọ̀kan gbà á ní ìṣẹ́jú 2 àti sẹ́kọ́ndì 33. Inú ẹ̀ ò dùn o, ó ní òun rò pé òun yá jùyẹn lọ, mo ní aago ò mọ ọ̀rẹ́.

Ìdí tí mo fi ní kẹ́ẹ kọ́kọ́ ka sẹ́kọ́ndì rèé. Ọwọ́ ìṣẹ́jú nínú 7750 kì í rìn geere, á dúró sójú kan fún ohun tó ju sẹ́kọ́ndì 50 lọ, tí ọwọ́ gígùn bá wá ń súnmọ́ òkè á bẹ̀rẹ̀ sí í mì, á sún kúrò, á sì fò bọ́ sórí ìlà tó kàn. Tẹ́ẹ bá wá dá a dúró nígbà tí ọwọ́ gígùn wà lórí 59, ẹ máa rí ọwọ́ ìṣẹ́jú láàárín 9 àti 10, bí ẹni tó gbé ẹsẹ̀ kan sókè. Ẹni tó bá kọ́kọ́ ka ìṣẹ́jú á ní 10, á wá fi 59 kún un, ó ti fi ìṣẹ́jú kan gbáko lé e. Tẹ́ẹ bá ti rí 59 lákọ̀ọ́kọ́, ẹ ti mọ̀ pé ìṣẹ́jú yẹn ò tíì pé, 9 ni. Bákan náà tó bá jẹ́ sẹ́kọ́ndì 1 ló wà, tí ọwọ́ ìṣẹ́jú sì dà bí ẹni pé kò tíì jókòó dáadáa sórí 10, 10 ni.

Tó bá ti ju ìṣẹ́jú 30 lọ, ọwọ́ ìṣẹ́jú á ti yí ká, á tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ ní láti wo ojú wákàtí. Ká ní ọwọ́ ìṣẹ́jú wà lórí 17, tí ọwọ́ wákàtí ò tíì dé ìdajì láàárín 12 òkè àti 1, ìṣẹ́jú 17 ni. Tí ọwọ́ wákàtí bá ti kọjá ìdajì yẹn, ìṣẹ́jú 47 ni. Ẹ máa wò ó dáadáa, torí ojú kékeré yẹn ò tóbi, ọwọ́ ẹ̀ sì máa ń rọra ni.

Àwọn ìlà tín-ín-tín tó wà láàárín sẹ́kọ́ndì ńkọ́? Ẹ má jẹ́ kó gbà yín lọ́kàn. 7750 ń lù nígbà 28,800 ní wákàtí kan, ìyẹn mẹ́jọ ní sẹ́kọ́ndì kan, torí náà ọwọ́ gígùn ń fò ní ìdá mẹ́jọ sẹ́kọ́ndì. Ọ̀pọ̀ aago ló wá fa ìlà márùn-ún tàbí mẹ́rin sí sẹ́kọ́ndì kan, ọwọ́ ò wá ní máa balẹ̀ sórí ìlà déédéé, aago ò bàjẹ́. Ìka yín gan-an tún máa ń pẹ́ ju ojú lọ, bíi ìdá márùn-ún sẹ́kọ́ndì kẹ́ẹ tó tẹ nǹkan tẹ́ẹ rí. Sẹ́kọ́ndì pípé ni kẹ́ẹ máa sọ fún èèyàn.

Tí ẹni náà bá kàn fẹ́ sinmi díẹ̀ kó tún máa lọ, bọ́tìnnì òkè náà lẹ tún máa tẹ̀, á máa kà lọ láti ibi tó dúró sí. Bọ́tìnnì ìsàlẹ̀, ìgbà tẹ́ẹ bá ti dá a dúró tẹ́ẹ ti ka iye tó wà ńbẹ̀ nìkan ni. Tẹ́ẹ bá tẹ̀ ẹ́ nígbà tí ọwọ́ gígùn ṣì ń rìn, ẹ máa rí i pé ó le gbagidi, wọ́n dí i mọ́ra lámọ̀ọ́mọ̀ ni, ẹ má bá a jà, torí òòlù kékeré tó ń lu ọwọ́ padà sí òdo lẹ ń fẹ́ fi túláàsì lu jíà tó ń yí. Àwọn kan wà tí wọ́n dìídì ṣe kó lè padà kó sì tún gbéra lójú kan náà, ìwé tó bá aago wá á sọ ọ́. Àwọn nọ́mbà tí wọ́n kọ yíká etí aago, tó ń lọ láti 400 tàbí 500 wálẹ̀, ti eré sísá ni, ẹ gbéra níbi òpó kìlómítà kan, ẹ dá a dúró níbi òpó kejì, ohun tí ọwọ́ gígùn bá nàka sí ni kìlómítà ní wákàtí. Tó bá gbà yín ní sẹ́kọ́ndì 45, 80 ni: `3600 ÷ 45 = 80`. Mi ò rí i kẹ́nikẹ́ni lò ó rí àfi láti fi ṣeré.

Ó dáa, ó kan ti omi báyìí.

Bọ́tìnnì yẹn, tẹ́ẹ bá rí i nígbà tí wọ́n tú u, ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni tó gba inú páìpù kékeré kọjá wọ inú aago, sípíríìngì ń tì í padà síta, òrùka rọ́bà tó tín-ín-rín bí òwú wá dì mọ́ ọ̀pá náà lára. Rọ́bà yẹn nìkan ló wà láàárín omi àti ẹ̀rọ. Tí bọ́tìnnì bá jókòó jẹ́ẹ́, rọ́bà náà jókòó jẹ́ẹ́, gíríìsì díẹ̀ wà lára ẹ̀, ó fún mọ́ ọ̀pá yíká, omi ò ríbi gbà. Bẹ́ẹ bá wá tẹ̀ ẹ́ nínú omi, apá ọ̀pá tó wà níta tẹ́lẹ̀, tó ti tutù fún omi, á yọ́ kọjá rọ́bà wọ inú, ó gbé omi tó lẹ̀ mọ́ ọn lára dání. Rọ́bà náà á fà, á yí díẹ̀, ìka yín ò sì lè tẹ̀ ẹ́ gún régé láéláé, á tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ̀gbẹ́ kejì á wá ṣí díẹ̀. Èyí tó tún wá burú níbẹ̀ ni omi tó wà lábẹ́ orí bọ́tìnnì. Atẹ́gùn ṣeé tẹ̀ pọ̀, omi ò ṣeé tẹ̀ pọ̀. Bí orí bọ́tìnnì ṣe ń wọlé ló ń ti omi yẹn síwájú, ibi tó bá sì ti rí àlàfo ló máa gbà. Ẹ ti sọ bọ́tìnnì di páǹpù nìyẹn.

Ìdí nìyẹn tí jíjìn omi ò fi sọ nǹkankan nínú ọ̀rọ̀ tèmi. Mítà 10 omi jẹ́ agbára báà kan, mítà 50 jẹ́ báà márùn-ún, ohun tí wọ́n ń sọ sí yín ni pé aago tó ti pa gbogbo ilẹ̀kùn ẹ̀ dé lè gba irú agbára bẹ́ẹ̀ sára. Wọn ò sọ pé ẹ lè máa ṣílẹ̀kùn. Nínú omi tó dé àyà, agbára omi ò tó nǹkan, ìka mi ló ṣe iṣẹ́ yẹn. Oòrùn náà tún bá mi dá kún un: aago ti gbóná lọ́wọ́ mi fún wákàtí kan, nígbà tó ṣubú sínú omi tútù, atẹ́gùn inú ẹ̀ sún kì, ó ń fa nǹkan látìta, mo wá lọ ṣí bọ́tìnnì fún un lójú ẹsẹ̀ yẹn.

Ẹni tó ń tún aago ṣe tó bá mi tú u fi han mí pé òrùka rọ́bà bọ́tìnnì ìsàlẹ̀ ti le, ẹ̀gbẹ́ kan ẹ̀ ti pẹlẹbẹ bí ẹni jókòó lé e, ó ní ó ti pẹ́ tó yẹ kí n ti pààrọ̀ ẹ̀. Àmì pupa kékeré kan ti wà lórí irin tó wà lẹ́nu bọ́tìnnì ọ̀hún látinú, ìpẹtà ni, ọjọ́ mẹ́rin péré sígbà tí mo bẹ́ sómi. Omi púùlù lásán nìyẹn, omi iyọ̀ ò ní dúró dọjọ́ mẹ́rin.

Bẹ́ẹ ṣe máa mọ̀ pé omi ti wọlé: ìkùukùu lábẹ́ gíláàsì tẹ́ẹ ò lè nù láti ìta, pàápàá tẹ́ẹ bá ti ibi gbígbóná wọ ibi tútù. Tẹ́ẹ bá ń fura, tí ẹ ò sì rí nǹkan, ẹ so aago mọ́ ọwọ́ títí tó máa fi lọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́, kẹ́ẹ wá fi aṣọ tẹ́ẹ rẹ sínú omi yìnyín lé gíláàsì fún bí ìṣẹ́jú kan, kẹ́ẹ nù ún. Tí àwọsánmà kékeré bá ṣẹ́kù lábẹ́ gíláàsì, omi wà níbẹ̀. Tẹ́ẹ bá ti rí i, ẹ má tẹ bọ́tìnnì kankan mọ́, ẹ má wáìn ín, ẹ má sá a sóòrùn, ẹ má sì rì í sínú ìrẹsì bí wọ́n ṣe ń sọ káàkiri. Ìkùukùu á lọ lóòótọ́, omi ò lọ, ó kàn sá lọ sábẹ́ àwọn irin níbi tójú ò ti tó o, ibẹ̀ ló ti máa jókòó ṣiṣẹ́. Ọjọ́ yẹn náà ni kẹ́ẹ gbé e lọ kí wọ́n tú u kí wọ́n gbẹ ẹ́. Èmi dúró dọjọ́ kẹrin torí ìkùukùu ti lọ lọ́jọ́ kejì, mo rò pé ó ti parí.

Àwọn kan á ní bọ́tìnnì tàwọn ṣeé dè bí ìdérí ìgò. Ó dáa, tẹ́ẹ bá dè é, kò ṣeé tẹ̀, ìwúlò ẹ̀ nìyẹn, kò jẹ́ kẹ́ẹ ṣèèṣì tẹ̀ ẹ́. Tẹ́ẹ bá tú u nínú omi, òun àti tèmi ti di ọgbọọgba. Àwọn aago kan wà tí wọ́n dìídì ṣe bọ́tìnnì wọn kẹ́ẹ lè tẹ̀ ẹ́ lábẹ́ omi, Omega ṣe é sínú Seamaster 300 mítà wọn kan, Sinn náà ní irú tiwọn, Breitling tilẹ̀ fi mágínẹ́ẹ̀tì ṣe èyí tí bọ́tìnnì ẹ̀ ò gba inú ara aago kọjá rárá. Àfi kí ìwé aago tiyín sọ ọ́ kedere pé ó ṣeé tẹ̀ nínú omi. Tí kò bá sọ ọ́, kò ṣeé tẹ̀.

Báwo wá lẹ ṣe máa ka ìlúwẹ̀ẹ́ ara yín? Lẹ́yìn tí wọ́n pààrọ̀ gbogbo rọ́bà tí wọ́n sì dán an wò pẹ̀lú ẹ̀rọ, èyí ni mò ń ṣe. Lórí ilẹ̀, tọ́wọ́ gbẹ, tí aago ò gbóná, mo dá gbogbo ẹ̀ padà sí òdo, mo wò ó pé orí tí mo fi ń wáìn wà nínú dáadáa, mo tẹ bọ́tìnnì òkè, mo wá wọ omi. Kírónógíráàfù á máa lọ, kò ṣe é ní nǹkankan fún wákàtí kan. Tí mo bá fọwọ́ kan ògiri lẹ́yìn ìgbà 20, mi ò dá a dúró, ojú ni mo fi ń kà á bó ṣe ń rìn lọ: sẹ́kọ́ndì ná, lẹ́yìn náà ìṣẹ́jú. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ó jẹ́ ìṣẹ́jú 14 àti sẹ́kọ́ndì 20, mo kígbe ẹ̀ sókè kí n má bàa gbàgbé. Mo jáde, mo fi aṣọ ìnura nu ọwọ́, mo nu aago, mo wá fi etí aṣọ nu ìdí bọ́tìnnì méjèèjì dáadáa, torí omi máa ń lúgọ sí abẹ́ orí wọn kódà lórí ilẹ̀, títẹ̀ àkọ́kọ́ yẹn ló sì máa ń tì í wọlé. Tó bá jẹ́ òkun ni mo ti jáde, mo máa ń kọ́kọ́ fi omi tí ò níyọ̀ ṣàn án láìtẹ nǹkankan, kí iyọ̀ má gbẹ sí ìdí rọ́bà. Nígbà tí mo fi máa tẹ̀ ẹ́ kó dúró, ìṣẹ́jú 16 ti kọjá lójú ẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi wò ó, ó ní ṣé ìṣẹ́jú 16 ni mo lò, ó ti ń rẹ́rìn-ín.